Bí a ṣe ń tọ́ gèlè tó fì nínú fọ́tò láìjẹ́ kí ìlà aṣọ já

*Ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò ayẹyẹ ni mo ń tún ṣe. Màmá kan ní kí n bá àwọn tọ́ gèlè aṣọ òkè tó fì sápá òsì. Mo fi Liquify inú Photoshop tì í, ìlà ara aṣọ wá ń wọ́ kiri bí ejò. Mo tún gé gèlè náà, mo yí i lódindi, ni àlàfo bá yọ níwájú orí wọn lápá kan. Báwo ni kí n ṣe é tí ìṣẹ́po àti ìlà aṣọ kò fi ní dàrú? Ṣé bákan náà ni wọ́n ń ṣe ti fìlà?*

Liquify kì í ṣe irinṣẹ́ burúkú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti aṣọ, aṣọ tó wà láàárín búrọ́ọ̀ṣì á rìn jìnnà, èyí tó wà létí rẹ̀ kò ní rìn tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ kan lè gba ìyẹn mọ́ra, nítorí ojú kò rí ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Aṣọ òkè kò lè gbà á. Tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí wọ́n tó rán an pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà ìhun wà níbẹ̀, ojú ìránpọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì gún. Ìlà tó gún kì í fi ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kàn án pa mọ́.

Nítorí náà, yíyí tí ẹ yí gèlè lódindi gan-an ló tọ́. Bí a bá yí nǹkan kan lódindi, ìlà tó gún á ṣì gún, ìṣẹ́po á dúró bó ṣe wà, ibi méjì péré ni ìṣòro á sì kù sí: ibi tí gèlè ti pàdé orí, àti ibi tí gèlè ti kúrò tó wá hàn sí gbangba. Àlàfo tí ẹ rí yẹn, ibi tí ẹ fi ṣe ìdí yíyí, ìyẹn ojú kan tí kì í kúrò nígbà tí nǹkan bá ń yí, ló fà á. A óò dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ rí i dájú pé gèlè náà fì lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ gèlè ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wé kí orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó bá sì tọ́ irú rẹ̀ ti ba oge onítọ̀hún jẹ́. Etí ìsàlẹ̀ gèlè, ibi tó ti fi ara lé iwájú orí, ni kí ẹ máa wò. Bí etí yẹn bá bá ojú méjèèjì dọ́gba, tó jẹ́ òkè gèlè nìkan ló dà sápá kan, oge ni. Bí etí ìsàlẹ̀ bá rọ̀ lápá kan tó sì gòkè lápá kejì, gèlè ti yẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. Ẹ mú Ruler Tool, ẹ fà á láti àárín ẹyinjú kan dé àárín ẹyinjú kejì, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tó wà níwájú A lókè. Lẹ́yìn náà ẹ fà á láti ibi tí etí gèlè ti pàdé etí màmá lápá òsì fọ́tò dé ibi tó ti pàdé etí wọn lápá ọ̀tún. Ká ní fọ́tò yín fẹ̀ ní 4,000 píkísẹ́lì, ó ga ní 6,000. Ìlà ojú fì ní dígírì 1, ìlà gèlè fì ní dígírì 7 sí apá kan náà. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 7, ó ku 6. (Ká ní òdìkejì ara wọn ni wọ́n fì sí, ẹ ò bá ro wọ́n pọ̀ ni.) Ojú onítọ̀hún ni gèlè gbọ́dọ̀ bá dọ́gba, kì í ṣe etí fọ́tò. Bí màmá bá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ tí ẹ wá mú gèlè bá etí fọ́tò mu, yóò dà bíi pé ẹlòmíràn ló gbé gèlè náà kalẹ̀ lé wọn lórí.

Nínú dígírì 6 yẹn, 5 ni mo máa ń ní kí èèyàn yí. Kò sí ojú ènìyàn tó dọ́gba pátápátá, gèlè tó bá sì gún régé bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n máa ń dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí.

Ó kan gígé. Ẹ fi Pen Tool tọ etí òde gèlè, ẹ má lo irinṣẹ́ tó ń yan nǹkan fúnra rẹ̀, nítorí ó máa ń gé ṣónṣó ìṣẹ́po dànù níbi tí àwọ̀ aṣọ bá ti sún mọ́ àwọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò. Nísàlẹ̀, ẹ tọ etí gèlè gan-an, kí òjìji tó wà ní iwájú orí má bá a wá. Ẹ sọ ọ̀nà náà di Selection, ẹ fún un ní Feather 0.5 píkísẹ́lì, kí ẹ sì tẹ Ctrl+J kí gèlè lè ní ìpele tirẹ̀. Ẹ tún tẹ Ctrl+J lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ pa ojú ẹ̀dà tó wà nísàlẹ̀ mọ́; ẹ má yí i, a óò padà wá lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tẹ ìpele gèlè tó wà lókè ní ọ̀tún, ẹ yan Convert to Smart Object.

Ọ̀pọ̀ ń fo èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ó sì máa ń dùn wọ́n bó bá yá. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ìpele lásán ni Photoshop ń tún píkísẹ́lì rẹ̀ ṣírò, ìhun aṣọ á sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá yí i ní dígírì 4, tí ẹ tún yí i padà ní 1, tí ẹ tún yí i síwájú ní 2, òwú tó mú ṣáṣá ní gèlè á ti dà bí aṣọ tó gbó, tí aṣọ èjìká ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ṣì mú ṣáṣá. Nínú Smart Object, ẹ lè yí i nígbà ogún; inú àtilẹ̀wá ló ti ń ṣírò rẹ̀ nígbà gbogbo.

Wàyí o, ìdí yíyí. Bí ẹ bá tẹ Ctrl+T, àárín gbùngbùn ohun tí ẹ gé ni Photoshop máa ń fi ṣe ìdí. Gèlè màmá yìí fì sí òsì ẹni tó ń wo fọ́tò, nítorí náà etí rẹ̀ rọ̀ lápá òsì, ó sì gòkè lápá ọ̀tún. Yíyí tí yóò tọ́ ọ ni èyí tó bá ọwọ́ aago lọ. Bí ìdí bá wà láàárín, apá ọ̀tún á sọ̀ kalẹ̀, apá òsì á gbéra sókè, ibi tó sì ti gbéra ni iwájú orí tàbí irun tí kámẹ́rà kò rí rí ti yẹ kó hàn. Àlàfo yín nìyẹn.

Fífi aṣọ bo ara rọrùn. Dídá ara tí kò sí nínú fọ́tò ló ṣòro. Nítorí náà apá tó rọ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìdí. Nínú Ctrl+T, ẹ mú Alt dání kí ẹ tẹ ibi tí etí gèlè ti pàdé etí òsì. Àmì ìdí á bọ́ síbẹ̀. Ẹ wá kọ 5 sínú àpótí dígírì lókè. Igun òsì ò ní kúrò lójú kan, gbogbo etí gèlè á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sórí ara láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ó ṣe ń sọ̀ tó. Ní dígírì 5, ohun tó bá jìnnà sí ìdí ní 1,000 píkísẹ́lì á rìn ní nǹkan bí 87. Ká ní etí gèlè gùn ní 1,200 láti òsì dé ọ̀tún: igun ọ̀tún á sọ̀ ní 105, àárín iwájú orí á sọ̀ ní 52. Òkè gèlè tó ga ní 1,700 á lọ sí ọ̀tún ní 148. Ẹ fi 52 yẹn wọn iwájú orí màmá. Bí iwájú orí tó ṣẹ́ kù kò bá ju 150 lọ, ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ni ẹ fẹ́ bò yẹn, ojú wọn á yàtọ̀, wọn ò sì ní mọ ohun tó dé. Nírú ibẹ̀ ẹ sún ìdí díẹ̀ sí ọ̀tún, bí ìdá mẹ́rin kan lójú ọ̀nà, kí ẹ sì múra àtitún àlàfo kékeré ṣe lápá òsì. Ẹ wo yẹtí ọ̀tún pẹ̀lú. Bí gèlè bá ti fẹ́ bò ó, ó sàn kí ẹ dín dígírì kù ju kí yẹtí kan sọnù.

Lápá òsì, gèlè sábà máa ń yọ kọjá etí, apá yẹn sì wà lẹ́yìn ìdí. Òun ní tirẹ̀ á gòkè. Bó bá yọ ní 400 píkísẹ́lì, ìpẹ̀kun rẹ̀ á gbéra ní 35. Ibí yìí nìkan ni ẹ ti nílò kí ẹ fa aṣọ, Puppet Warp ni kí ẹ sì fi fà á. Ẹ ṣí i láti Edit, ẹ yan Rigid ní Mode, More Points ní Density, kí ẹ yọ àmì kúrò ní Mesh kí ẹ lè máa rí aṣọ. Ẹ kan píìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí ìṣẹ́po tó sún mọ́ ìdí jù lọ, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ara gèlè tó kù má bàa rìn. Ẹ wá kan ọ̀kan sí etí ìsàlẹ̀ apá tó gbéra, ẹ fà á wálẹ̀ ní 35.

Orí ìṣẹ́po ni píìnì ń gbé, kì í ṣe àárín aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbi ìṣẹ́po, ìlà aṣọ ti yí ojú padà tẹ́lẹ̀, ojú kò sì retí pé kó gún kọjá ibẹ̀. Bí fífà bá parí sí orí ìṣẹ́po, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá parí sí àárín aṣọ tó tẹ́, ìlà á ṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì rí i. Ẹ tún wọn bí fífà náà ti pọ̀ tó: bí apá gèlè yẹn bá ga ní 400, tí ẹ fà á ní 35, kò tí ì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, àyè àárín ìlà sí ìlà kò sì ní yí padà tó kí ojú mú un. Bí ó bá ga ní 150 péré, 35 ti sún mọ́ ìdá mẹ́rin kan. Ìlà á fẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má fà á nígbà náà, ẹ lẹ aṣọ mọ́ ọn ni.

Lílẹ̀ aṣọ mọ́ aṣọ ló gba sùúrù jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ibi tí aṣọ méjì bá ti pàdé gbọ́dọ̀ bọ́ sínú kòtò ìṣẹ́po, níbi tó ṣókùnkùn, tàbí kó bá ojú ìránpọ̀ aṣọ òkè lọ ní gígùn rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba àárín ìlà kọjá. Ẹ ṣe é báyìí: gèlè àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀, nínú ìpele àkọ́kọ́. Ẹ gé ìṣẹ́po kan ṣoṣo níbẹ̀, láti kòtò kan dé kòtò kejì, ẹ fi Ctrl+J fún un ní ìpele tirẹ̀, ẹ gbé e sí abẹ́ gèlè tí ẹ yí, ẹ yí òun náà ní dígírì 5, kí ẹ sì sún un títí ìlà rẹ̀ á fi bá ti òkè mu. Bí ẹ bá fẹ́ rí bó ṣe bára mu, ẹ sọ Blending Mode ìpele òkè di Difference fún ìgbà díẹ̀. Ibi tó bára mu á di dúdú, ìlà tó yà á máa tàn. Ẹ fi bọ́tìnnì ọfà sún un ní píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan títí ìmọ́lẹ̀ náà á fi lọ sílẹ̀ lójú ìlà tó ṣe pàtàkì, kí ẹ tó dá a padà sí Normal.

Ẹ fi Layer Mask sórí gèlè, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú pa etí rẹ̀ níbi ìpàdé nìkan. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn gbọ́dọ̀ le: Hardness 80 lọ sókè, fífẹ̀ rẹ̀ kó jẹ́ píkísẹ́lì 3 sí 5. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí a fi ń ṣe awọ ara ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Lórí awọ ara, ó ń jẹ́ kí àwọ̀ méjì wọnú ara wọn. Lórí aṣọ onílà, ó ń jẹ́ kí ìlà méjì hàn fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkíní lórí ìkejì, bí ohun tí èèyàn rí nígbà tí oorun ń kùn ún. Bí ẹ bá rí ibi tí aṣọ ti dà bíi kúrukúru láàárín ìhun tó mú ṣáṣá, ibẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti kọjá.

Ihò kéékèèké tó bá kù, ẹ fi Clone Stamp dí i. Healing Brush àti Spot Healing kò dára níbí, torí wọ́n ń po àwọ̀ agbègbè pọ̀, ìlà pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà funfun á sì di àdàlù àwọ̀. Bí inú gèlè àtijọ́ tí kò tí ì yí lẹ ti ń mú aṣọ, ẹ ṣí Clone Source láti Window, ẹ kọ dígírì 5 sínú àpótí yíyí rẹ̀, kí ẹ yan Show Overlay. Ẹ óò rí àfihàn aṣọ náà lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìlà bá fì sí òdì, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú 5. Láìṣe èyí, òwú tí ẹ mú wá á máa dábùú òwú tó wà níbẹ̀, ní dígírì 5 péré o, ojú á sì mú un lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yìn fọ́tò kò le tó bẹ́ẹ̀. Òkè gèlè ti lọ sí ọ̀tún ní 148, nítorí náà gèlè àtijọ́ ti yọ lápá òsì. Ẹ tẹ àwòrán kékeré ẹ̀dà gèlè tí ẹ fi pamọ́ kí ẹ tó yí i pẹ̀lú Ctrl kí ẹ lè yan án, ẹ fi Select, Modify, Expand fẹ̀ ẹ́ ní 15, kí ẹ lo Content-Aware Fill lórí ìpele àkọ́kọ́. Ẹ nu ojú, aṣọ àti èjìká kúrò nínú ibi tó ń ti mú àpẹẹrẹ, kó má bàa gbin ẹran ara sórí ògiri. Ẹ sọ Output di New Layer. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìbòjú pa apá tó bá wọ iwájú orí, kí ó ṣiṣẹ́ lóde gèlè nìkan.

Ohun tí àwọn kan máa ń gbàgbé ni òjìji. Gèlè ń ju òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ sí iwájú orí lábẹ́ etí rẹ̀. Nígbà tí gèlè sọ̀ kalẹ̀, ó ti bo òjìji àtijọ́, etí tuntun wá dúró lórí awọ tó mọ́lẹ̀, bíi bébà tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣí ìpele tuntun sáàárín ojú àti gèlè, ẹ sọ ọ́ di Multiply, ẹ fi Eyedropper mú àwọ̀ òjìji gan-an níbi tó ṣì hàn, bóyá nítòsí igun òsì tí kò kúrò lójú kan. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú ló máa ń jẹ́ lára wa. Ẹ má fi dúdú kun ún, yóò dà bí ẹ̀gbin. Níbí ni búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti wúlò, ní Opacity 15, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mẹta, kó ṣókùnkùn jù níbi tó kan aṣọ, kó sì máa parẹ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí òjìji ti fẹ̀ tó lápá òsì ni kó fẹ̀ tó lápá ọ̀tún, àyàfi bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ wá.

Dídán aṣọ náà ní ààlà tirẹ̀. Aṣọ òkè tó ní òwú dídán tàbí gèlè dàmásìkì máa ń tàn níbi tí iná ti bà á. Ní dígírì 5 kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lè rí. Bí ẹ bá ti kọjá 10, ibi tó ń tàn lórí gèlè kò ní bá ibi tó ń tàn lójú àti lórí ẹ̀gbà ọrùn mu mọ́. Ẹni tí gèlè rẹ̀ bá fì tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá fọ́tò mìíràn tí wọ́n yà níbi kan náà lábẹ́ iná kan náà, kí ẹ mú gèlè ibẹ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ mú un tóbi dé 100%, ẹ yan ojú ìránpọ̀ kan létí ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ lé e gòkè dé ṣónṣó. Ẹ ka ìlà tó wà nínú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan lápá òsì, kí ẹ fi wé fọ́tò àtilẹ̀wá: bí ìṣẹ́po kan bá ní ìlà mẹ́rin tẹ́lẹ̀ tó wá ní mẹ́ta àbọ̀, ìpàdé kan ti jẹ aṣọ. Lẹ́yìn náà ẹ lo Flip Canvas Horizontal. Ojú yín ti mọ́ fọ́tò náà lára. Bó bá yí apá, ohun tó bá ṣì fì á yọ sí yín.

Ní ti fìlà, ìpìlẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ìṣẹ́po púpọ̀ tí ẹ lè fi nǹkan pa mọ́ sí. Aṣọ rẹ̀ le, etí rẹ̀ sì mú, nítorí náà ẹ má lo Puppet Warp rárá. Ẹ yí i lódindi, kí ẹ fi apá tó rọ̀ ṣe ìdí, bí ìdí náà bá sì fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn etí, irun ni ẹ óò fi dí i, kì í ṣe aṣọ. Ti gọ̀bì, orí rẹ̀ tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni etí abetí ajá tí ọ̀kan gbé sókè tí ọ̀kan rọ̀. Ọ̀já ìsàlẹ̀ tó yí orí ká ni kí ẹ wọ̀n, kí ẹ sì fi òkè sílẹ̀ bí ẹni tó dé e ṣe fẹ́ ẹ.

Fìlà kan wà tí yíyí kò lè tọ́: èyí tó yí lórí bí ìdérí ìgò, tí iṣẹ́ ọnà tó yẹ kó wà níwájú ti bọ́ sápá etí. Ọ̀já ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú ojú, Ruler á ka òdo, síbẹ̀ ó wọ́. Apá fìlà tó yẹ kó kọjú sí wa kò sí nínú fọ́tò yẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí ohun tí kámẹ́rà kò rí. Fọ́tò mìíràn nìkan ló lè gba irú èyí sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà, kí ẹ má sì gba owó iṣẹ́ náà.